Báwo ni kí n ṣe pín wákàtí kan lójúmọ́ láàárín hiragánà, katakánà àti kánjì kí ìdánwò N5 tó dé?

Ayọ̀ Kàwàgúṣì

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ìlú Kàwàgúṣì ní agbègbè Sàítámà ní ilẹ̀ Jàpáàn ni mò ń gbé, iṣẹ́ òru ni mo sì ń ṣe níbi tí wọ́n ti ń di oúnjẹ sínú páálí fún títà. Mo ti forúkọ sílẹ̀ fún JLPT, ìdánwò èdè Jàpáàn, ní ìpele N5 tó rọrùn jù lọ, ti ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù Kejìlá, ó sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Wákàtí kan péré ni mo lè yọ sọ́tọ̀ lójúmọ́, ìdajì rẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, ìdajì kejì nígbà tí mo bá jí lọ́sàn-án.

Láti oṣù tó kọjá ni mo ti pín wákàtí náà sí mẹ́ta ọgbọọgba: ogún ìṣẹ́jú fún hiragánà, lẹ́tà ìró tí wọ́n fi ń kọ ọ̀rọ̀ tiwọn; ogún fún katakánà, èyí tí wọ́n fi ń kọ ọ̀rọ̀ àti orúkọ àjèjì; ogún fún kánjì, àwọn àmì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Mo gbà pé mo ti mọ hiragánà, nítorí bí ẹ bá nàka sí lẹ́tà kan, n ó pè é. Katakánà ni kò tíì fẹ́ wọlé, mo sì ti kọ́ bí ogójì kánjì. Àmọ́ nígbà tí mo ṣe àpẹẹrẹ ìdánwò kan nílé lọ́jọ́ Sátidé, ibi kánjì ni mo ti pàdánù máàkì jù lọ, àkókò sì tán mọ́ mi lọ́wọ́ kí n tó dé àyọkà tó kẹ́yìn. Ó ń ṣe mí bíi kí n pa hiragánà tì, kí n sì fi ogójì ìṣẹ́jú jin kánjì. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí n ṣe?

Ọmọ Ẹ̀gbá

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kó o ṣe. Kánjì mẹ́tàlélọ́gọ́rùn-ún ni ìjọba wọn là sílẹ̀ fún N5. Tó o bá ti mọ gbogbo rẹ̀, o ti yege. Kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sínú ìwé ní ìgbà àádọ́ta, ọwọ́ ló ń kọ́ orí. Ní ti katakánà, ìbéèrè tó wà níbẹ̀ kò tó nǹkan, fi í sílẹ̀ di ẹ̀yìn ìdánwò. Èmi náà kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n nígbà tí mo ṣe é, mo sì gba iwé ẹ̀rí mi.

Ìyá Ìbejì

Ẹ má fi katakánà sílẹ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Nígbà tí mo lọ ṣí àkáǹtì ní báńkì kan, wọ́n ní kí n fi katakánà kọ orúkọ mi, mo sì kọ ọ́ bó ṣe wù mí. Nígbà tí mo dé ilé ìwòsàn, òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kọ ọ́ lọ́nà mìíràn. Owó kan tó yẹ kó wọlé sí àkáǹtì mi padà sẹ́yìn nítorí pé orúkọ méjèèjì kò bára mu. Ẹ jókòó, ẹ kọ orúkọ yín sórí bébà, kí ẹ sì rí i pé bákan náà lẹ ń kọ ọ́ níbi gbogbo.

Ayọ̀ Kàwàgúṣì

Ẹ ṣé gan-an, mà. Tèmi ti wà lórí bébà tipẹ́. Ìdánwò ìwé kíkà ni mò ń béèrè nípa rẹ̀ báyìí.

Bàbá Olùkọ́

Kí n tó dá sí i, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ mẹ́ta nínú àwọn kánjì tí ẹ gbà síbi lọ́jọ́ Sátidé, àti ìdáhùn tí ẹ mú. Ẹni tó sọ pé òun gbòdo nínú kánjì kò tíì sọ ohun tó ṣe òun.

Ayọ̀ Kàwàgúṣì

Ẹ ṣeun, sà. Wọ́n béèrè bí a ṣe ń pe 学校, mo sì mú がこう. Wọ́n béèrè 八日, mo mú よっか. Ẹ̀kẹta ni 先生, ibi せんせ ni mo fi pẹ́ńsù kùn.

Bàbá Olùkọ́

Ẹ wo àwọn ìdáhùn yín dáadáa. Ẹ mọ̀ pé ilé ìwé ni 学校, ẹ sì mọ̀ pé tíṣà ni 先生, nítorí náà kánjì kọ́ ló ṣe yín, hiragánà ni. がっこう ni wọ́n ń fẹ́, つ kékeré tó wà láàárín rẹ̀ ni ẹ fò. せんせい ni wọ́n ń fẹ́, い tó ń fa ìró ìkẹyìn gùn ni ẹ gé kúrò. Èyí tó le jù ni ti àárín: よっか ni ọjọ́ kẹrin oṣù, ようか ni ọjọ́ kẹjọ, ohun kan ṣoṣo tó sì ya wọ́n sọ́tọ̀ lójú ìwé ni pé つ kékeré wà nínú ọ̀kan, う wà nínú èkejì. Àwọn tó ń ṣe ìdánwò yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọn a kọ kánjì kan, wọn a sì to ìdáhùn mẹ́rin tó jọra bí ìbejì sísàlẹ̀ rẹ̀: ọ̀kan kò ní つ kékeré, ọ̀kan kò ní ìró gígùn, ọ̀kan ti sọ àmì méjì kékeré orí が nù, ó ti di か. Àwa tí a mọ̀ pé ọkọ̀ kì í ṣe ọkọ́, tí àmì tó wà lábẹ́ ṣ sì ń sọ ọ̀rọ̀ di òmíràn, kò yẹ kí èyí yà wá lẹ́nu.

Nítorí náà, ẹ kò gbọdọ̀ pa hiragánà tì, ọ̀nà tí ẹ ń gbà kọ́ ọ ni kí ẹ yí padà. Pípe lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ti tó. Ọ̀rọ̀ àti gbólóhùn ni kí ẹ máa kà sókè báyìí, kí ẹ sì máa ka iye ìgbà tí ọwọ́ yín lù fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan: がっこう gba ìlù mẹ́rin, nítorí つ kékeré gba ìlù tirẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu dákẹ́ níbẹ̀. Bí ẹ bá lù ú ní mẹ́ta, ẹ ti mọ̀ pé nǹkan kan jábọ́.

Ohun kejì ni àkókò tó tán mọ́ yín lọ́wọ́. Ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n fún apá ọ̀rọ̀ àti kánjì, ogójì ìṣẹ́jú sì ni fún gírámà àti ìwé kíkà pọ̀. Àyọkà aláàbọ̀ gígùn tó wà níbẹ̀ àti ìkéde tàbí tábìlì tí a ń wá ìdáhùn nínú rẹ̀ ní ìparí, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó nǹkan bí igba lé àádọ́ta lẹ́tà. Ẹni tó ń ka lẹ́tà kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan yóò lo ìṣẹ́jú mẹ́rin ó lé láti kà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó tó ronú lórí ìbéèrè, gírámà sì ti jẹ nínú ogójì náà ṣáájú. Ẹ gbé àyọkà tí ẹ kò rí rí, tó gùn tó bẹ́ẹ̀, kí ẹ fi fóònù díwọ̀n bó ṣe pẹ́ tó. Bí ó bá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin, ojú yín ṣì ń ka lẹ́tà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí ọmọ bá ń ka a, b, d.

Bí mo ṣe máa pín wákàtí yín nìyí. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ogójì ìṣẹ́jú lójúmọ́ fún kíka hiragánà sókè nínú gbólóhùn, ogún fún katakánà, kí ẹ má kọ́ kánjì tuntun kankan yàtọ̀ sí ti nọ́ńbà, ọjọ́ àti oṣù. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó tẹ̀ lé e, ìṣẹ́jú márùndínlógójì fún kánjì, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún àyọkà tí ẹ ń díwọ̀n àkókò rẹ̀, mẹ́wàá fún katakánà. Kánjì mẹ́ta lójúmọ́ ní ọjọ́ márùn-ún yóò fún yín ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́sẹ̀, ọjọ́ méjì yòókù fún àtúnyẹ̀wò. Inú ọ̀rọ̀ ni kí ẹ ti máa kọ́ wọn. 生 ń jẹ́ せい nínú 先生, ó sì ń jẹ́ う nínú 生まれる, ẹni tó kọ́ ọ ní òun nìkan kò ní mọ èyí tí yóò mú. Ọ̀sẹ̀ méjì tó kẹ́yìn, ìdánwò pẹ̀lú aago nìkan.

Àbúrò wa Ọmọ Ẹ̀gbá, láti ìgbà tí wọ́n tún ìdánwò náà ṣe ní 2010, wọn kò gbé àkọsílẹ̀ kánjì kankan jáde fún ìpele kọ̀ọ̀kan mọ́. Ti àtijọ́ ni ìwé tí ẹ rí, ó ṣì wúlò fún títọ́ni sọ́nà, ṣùgbọ́n kò dè wọ́n.

Ọmọ Ẹ̀gbá

Mo gbà, sà, lórí àkọsílẹ̀. Lórí ìkọ̀wé, n kò gbà. Ohun tí mo kọ ni mo rántí.

Bàbá Olùkọ́

Kò sí ibi tí wọ́n ti ní kí ẹ kọ kánjì kan nínú ìdánwò yìí, yíyan ìdáhùn ni gbogbo rẹ̀. Ìgbà àádọ́ta fún kánjì kan yóò jẹ gbogbo wákàtí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru. Àwọn tó jọra nìkan ni èmi máa ń ní kí wọ́n kọ, bíi 休 àti 体, tàbí 人 àti 入, nítorí ọwọ́ ló ń fi ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ han ojú.

Ṣadé

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n tako ẹyọ kan nínú ètò yẹn. Katakánà tí a fi sí ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá kò wọ orí mi rárá nígbà tí mo ń kọ́ ọ, àfìgbà tí mo fi gbogbo ọ̀sẹ̀ kan jì í, tí n kò wo nǹkan mìíràn. Kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló le. Àwọn mẹ́rin ló ń dà mí láàmú: シ, ツ, ソ àti ン. Wọ́n lè kọ しゃつ síbẹ̀ kí wọ́n ní kí ẹ yan bí a ṣe ń fi katakánà kọ ọ́, kí ツャシ sì jókòó pẹ̀lú シャツ láàárín àwọn ìdáhùn. Ohun tó là mí ni pé mo gbé hiragánà lé wọn lórí. し ń bọ̀ láti òkè wá sílẹ̀ kó tó yí sókè, nítorí náà, àwọn ìlà kékeré シ to ara wọn sí òsì láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìlà gígùn rẹ̀ sì gbéra láti ìsàlẹ̀. つ bẹ̀rẹ̀ láti òsì lọ sí ọ̀tún, nítorí náà àwọn ìlà kékeré ツ tò sí òkè, ìlà gígùn sì ń sọ̀kalẹ̀. ン ń tẹ̀ lé シ, ソ ń tẹ̀ lé ツ.

Bàbá Olùkọ́

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko lè ṣiṣẹ́ fún ẹni tó ní ìsinmi. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kẹta ńkọ́?

Ṣadé

Mo gbàgbé díẹ̀, òótọ́ ni. Àmì orí ìlé ìtajà ló ń rán mi létí: スーパー, レストラン, コーヒー. Ìlà gbọọrọ yẹn sì ni ìró gígùn tí ẹ ń sọ, sà, tó fi aṣọ mìíràn bọra.

Ayọ̀ Kàwàgúṣì

Mo ti díwọ̀n ara mi nínú ọkọ̀ ojú irin lówùúrọ̀ òní. Ìṣẹ́jú mẹ́fà àti ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ni àyọkà náà gbà mí, lẹ́yìn náà ni mo rí i pé mo ka おばさん, ìyẹn àǹtí, sí おばあさん ní ìlà kejì, ìyá àgbà ni mo sì ń bá kiri dé ìparí ìtàn tí kò sí ìyá àgbà kankan nínú rẹ̀. Ogójì ìṣẹ́jú hiragánà bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Ti katakánà ni n kò tíì mọ ẹni tí n ó tẹ̀ lé láàárín Bàbá Olùkọ́ àti ẹ̀gbọ́n Ṣadé, ṣùgbọ́n ìsinmi ọjọ́ mẹ́ta ń bọ̀ níbi iṣẹ́ wa, mo lè fi í dán ti ẹ̀gbọ́n wò.