Àyè òfìfo lórí àtẹ Gáǹtì: kí ni ká pè é?

Olùkọ́ kan, Ilọrin:
Ẹ̀yin ará, àlàáfíà fún yín o. Mò ń kọ ìlànà àtẹ Gáǹtì, àtẹ tó ń fi ọ̀pá han ọ̀sẹ̀ tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ àti èyí tó parí, ní Yorùbá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí àkọ́kọ́ wọn. Àyè òfìfo tó wà lẹ́yìn ọ̀pá iṣẹ́ kan kí iṣẹ́ tó gbára lé e tó bẹ̀rẹ̀, mo pè é ní "àkókò ìsinmi". Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan rí i, ó sì gba ilé lọ. Kí ni kí n pè é?

Aṣètò-iṣẹ́, Òmù-Àrán:
Ẹ kú iṣẹ́, olùkọ́ wa. Iṣẹ́ ló ni àyè yẹn, kì í ṣe òṣìṣẹ́. Ohun tó ń sọ ni iye ọ̀sẹ̀ tí a lè fi sún iṣẹ́ síwájú tí ọjọ́ ìparí kò fi ní yẹ̀. Mo dábàá "àyè-ìsún".

Ẹ jẹ́ ká mú akẹ́kọ̀ọ́ kan tó fẹ́ yẹ omi kànga Àjàṣẹ́-Ìpo wò. Ó to orúkọ iṣẹ́ sí apá òsì, ó to ọ̀sẹ̀ sí òkè, ó wá ń fa ọ̀pá. Kíkọ àbá gba ọ̀sẹ̀ 1 àti 2. Ìbuwọ́lù olùkọ́ gba ọ̀sẹ̀ 3. Bíbu omi bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 4, ó parí ní 6. Àyẹ̀wò omi gba 7 àti 8, kíkọ àbọ̀ sì gba 9 sí 11. Ìkankan nínú àwọn wọ̀nyí kò lè bẹ̀rẹ̀ kí èyí tó ṣáájú rẹ̀ tó parí. Nítorí náà, bí ìbuwọ́lù bá pẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kan, àbọ̀ di ọ̀sẹ̀ 12. Wọn kò ní àyè-ìsún rárá.

Ẹ̀ka kejì tún wà: kíka ìwé láti ọ̀sẹ̀ 3 sí 5, lẹ́yìn náà kíkọ orí kejì ní ọ̀sẹ̀ 6. Kíkọ àbọ̀ ló ń dúró de orí kejì, ọ̀sẹ̀ 9 sì ni yóò bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 7 àti 8 ṣófo. Ọ̀sẹ̀ méjì ni àyè-ìsún ẹ̀ka yìí.

Alàgbà kan, Òró:
Kí ló dé tí a ń dá ọ̀rọ̀ tuntun sílẹ̀? "Àlàfo" ti wà. Àlàfo ni ojú rí lórí ìwé.

Aṣètò-iṣẹ́, Òmù-Àrán:
Bàbá, òótọ́ ni ní ti orí kejì, ojú rí àlàfo lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ wá wo kíka ìwé. Ó parí ní ọ̀sẹ̀ 5, orí kejì bẹ̀rẹ̀ ní 6, kò sí àlàfo kankan láàárín wọn. Síbẹ̀ a lè sún kíka ìwé títí dé òpin ọ̀sẹ̀ 7, kí orí kejì bọ́ sí 8, ọjọ́ ìparí kò sì ní yẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì kan náà ni àwọn méjèèjì ń pín lò. Níbí ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà: yóò ná ọ̀sẹ̀ méjì náà tán lórí kíka ìwé, yóò tún rò pé méjì mìíràn wà fún orí kejì. Orí kejì á wá parí ní ọ̀sẹ̀ 10, àbọ̀ á di ọ̀sẹ̀ 13. Ẹni tó bá ń fi àlàfo kà á kò lè rí i tẹ́lẹ̀. Ó ní láti fa ọfà láti ìdí iṣẹ́ kan lọ sí orí èyí tó ń dúró dè é.

Kọ́lékọ́lé kan, Ọ̀ffà:
Ẹ̀yin ọ̀gá, àwa náà ní àyè òfìfo. Bí a bá da kọnkéré dẹ́kìn tán, ọ̀pọ̀ ọjọ́ la máa ń retí kí a tó yọ igi abẹ́ rẹ̀. Ṣé àyè-ìsún nìyẹn?

Aṣètò-iṣẹ́, Òmù-Àrán:
Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ kò lè gé ọjọ́ yẹn kù, ẹ kò sì lè yá iṣẹ́ tó pẹ́ ní ọjọ́ náà. Ìdúró dandan ni. Ṣùgbọ́n inú mi dùn pé ẹ mú un wá, nítorí pé lórí ìwé, bákan náà ni òun àti àyè-ìsún rí. Tèmi ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ fa ọ̀pá fún ìdúró pẹ̀lú, kó fi ilà wínníwínní kùn ún, kó má fi í sílẹ̀ lófìfo. Bí omi tí wọ́n bù bá ní láti wà ní yàrá àyẹ̀wò fún ọjọ́ mélòó kan kí èsì tó jáde, ọ̀pá tirẹ̀ nìyẹn.

Olóòtú ìwé kan, Ilọrin:
Ìtumọ̀ yé mi, ọ̀rọ̀ náà ni mi ò gbà. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kì í fi àmì ohùn sí i lórí fóònù. "Aye isun" ni wọn yóò tẹ̀, àwọn kan á sì kà á sí àyè ìsùn. Oorun tí a ń sá fún la tún padà sí. Ẹ jẹ́ ká lo "àyè-ìdẹ̀", bí okùn tó dẹ̀.

Alàgbà kan, Òró:
Okùn tó dẹ̀ kò sọ iye ọ̀sẹ̀ o. Mo gbà pé àlàfo kò tó, àmọ́ "ìdẹ̀" ń dún bí ìwà ọ̀lẹ létí mi.

Olùkọ́ kan, Ilọrin:
Ẹ ṣeun gan-an. Màá yọ "ìsinmi" kúrò lónìí. Àyè-ìsún ni màá kọ, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ pé, màá sì fi ọfà sáàárín kíka ìwé àti orí kejì. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tí kò ní oorun tàbí ọ̀lẹ nínú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ kí n tó tẹ ìwé náà.