Gbólóhùn tó le gbagidi nínú sítéètímẹ́ǹtì fásitì: ẹ wá sọ bí tiyín ṣe dẹ̀

Àbẹ̀ní Káàdì

Ẹ kú iṣẹ́ o gbogbo ilé. Mo fẹ́ sọ ibi tí mo bá sítéètímẹ́ǹtì mi dé, ìyẹn ìwé tí èèyàn fi ń sọ fún fásitì ìdí tó fi fẹ́ wá kàwé níbẹ̀, kí ẹ̀yin náà sọ tiyín, torí ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án péré tí mo máa fi í ránṣẹ́, mi ò sì tíì parí ẹ̀. Máásítà ìlera àwùjọ ni mò ń wá, wọ́n ní ohun tí mo bá kọ ò gbọ́dọ̀ ju ọ̀rọ̀ 1000 lọ. Òyìnbó ni mo fi kọ ọ́ o, ṣùgbọ́n mo máa tú u sí Yorùbá níbí bó ṣe rí gẹ́lẹ́, kí gbogbo wa lè jọ rí ohun tó ń ṣe é.

Gbólóhùn tí mo fi bẹ̀rẹ̀ nìyí: "Ìfarajìn mi sí ìdàgbàsókè ìlera àwùjọ jẹ́ àbájáde ìfarakanra mi pẹ̀lú onírúurú ìpèníjà tó rọ̀ mọ́ ìṣàkóso àkọsílẹ̀ ìtọ́jú àwọn ọmọdé."

Ọjọ́ méjì ni mo fi kọ gbólóhùn yẹn, inú mi sì dùn sí i gan-an. Mo wá kà á fún àbúrò mi obìnrin, ó gbọ́ ọ tán, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní "Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ ṣe níbẹ̀ gan-an?" Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún un, ọ̀rọ̀ ń jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ló bá ní kí n dúró, ó tan fóònù, ó ní kí n tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ kóun lè gba ohùn mi sílẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ohun tí mo sọ rèé:

"Ibi tí wọ́n ń tọ́jú fáìlì ní kílíníìkì kan ni mo ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì. Wọ́n ní kí n to káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ, 312 ni káàdì yẹn, mo wá rí i pé 47 nínú wọn ò gba abẹ́rẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé àwọn ìyá ni ò bìkítà. Àmọ́ nígbà tí mo wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sí káàdì yẹn pé kí wọ́n padà wá, 29 ló bọ́ sí Sátidé tàbí Sọ́ńdè, a kì í sì ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ méjèèjì. Oṣù kan gbáko ni wọ́n máa ń kà, tí ìyá bá wá lọ́jọ́ 14, ọjọ́ 14 oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n á kọ fún un láìwo ọjọ́ tó bọ́ sí. Tó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n kà, ìyẹn ọjọ́ 28, ẹni tó bá wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà ló máa padà wá."

Nígbà tí mo kọ ọ́ sílẹ̀ látinú fóònù, kò sí ìfarajìn níbẹ̀, kò sí ìfarakanra. Ó yà mí lẹ́nu. Báwo lẹ̀yin ṣe ṣe tiyín?

Físíìsì Lójoojúmọ́

Èyí ò ṣòro rárá. Bí mo ṣe ṣe tèmi lọ́dún tó kọjá ni pé mo wá gbogbo ọ̀rọ̀ ńlá kàn, mo fi kékeré rọ́pò wọn níkọ̀ọ̀kan, "ìfarajìn" di "ìfẹ́", "ìpèníjà" di "wàhálà", mo sì rí i dájú pé gbólóhùn kankan ò ju ọ̀rọ̀ 15 lọ. Èyí tó bá gùn jù, gé e sí méjì. Wákàtí mẹ́ta péré, mo ti ṣe tán.

Ìyá Olùkà

Físíìsì, ìdajì ọ̀rọ̀ yẹn tọ̀nà, ọmọ mi. Ẹ jẹ́ ká fi ti Àbẹ̀ní dán ìdajì tó kù wò. Tí a bá ṣe bí o ṣe wí, ó máa di: "Ìfẹ́ mi sí ìlera àwùjọ jẹ́ èso wàhálà tó wà nínú fáìlì àwọn ọmọ." Ọ̀rọ̀ ẹ̀ ti kéré lóòótọ́, ó sì ti kúrú, ṣùgbọ́n ẹ bá mi wò ó dáadáa, ta ló ń ṣe kí ni níbẹ̀? Kò sẹ́nì kankan. Ó ṣì le bó ṣe le tẹ́lẹ̀.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi wà lára àwọn tó ń ka sítéètímẹ́ǹtì ní ẹ̀ka tèmi, mo sì lè sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ ńlá kọ́ ló ń mú kí gbólóhùn le. Iṣẹ́ tí èèyàn fọwọ́ ṣe ni wọ́n sọ di orúkọ. Àbẹ̀ní, ka àwọn ọ̀rọ̀ tó fi "ì" bẹ̀rẹ̀ nínú gbólóhùn rẹ yẹn: ìfarajìn, ìdàgbàsókè, ìlera, ìfarakanra, ìpèníjà, ìṣàkóso, ìtọ́jú. Méje nínú gbólóhùn kan ṣoṣo! Ohun tó so gbogbo wọn pọ̀ ò ju "jẹ́" àti "rọ̀ mọ́" lọ, àwọn méjèèjì ò sì ṣe iṣẹ́ kankan. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú òyìnbó tí o fi kọ ọ́, torí ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà ń di iṣẹ́ sínú orúkọ.

Bí mo ṣe máa ń ní káwọn ọmọ tú u nìyí. Mú orúkọ yẹn níkọ̀ọ̀kan, kí o bi í pé ta ló ṣe é, kí ló ṣe, sí kí ni? Ìṣàkóso: ta ló ṣàkóso kí ni? Ìwọ ni, o to káàdì 312. Ó dáa, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìpèníjà: èwo gan-an? Ọjọ́ tí wọ́n kọ bọ́ sí òpin ọ̀sẹ̀. Ìfarajìn: kí lo ṣe tó fi hàn pé o fara jìn? O padà lọ wo ọjọ́ inú káàdì nígbà tí kò sẹ́ni tó rán ọ. Èyí tí o bá bi tí kò dáhùn, má wá ọ̀rọ̀ kékeré fún un o, pa á rẹ́. "Ìdàgbàsókè ìlera àwùjọ" ò dáhùn, àbí? Ó lè máa lọ.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ti iṣẹ́ yín, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹni tó máa kà á mọ ohun tí abẹ́rẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kẹta jẹ́. Físíìsì náà, tí o bá pe ohun tí o wọ̀n ní orúkọ tí gbogbo yín ń pè é níbi iṣẹ́, ìyẹn ò le, ohun tó ṣẹlẹ̀ lo sọ.

Baba Ìbejì

Ẹ ṣé gan-an, ohun tó ń dà mí láàmú gan-an nìyí. Ọ̀gá mi tó kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí fún mi kọ ọ́ le koko, "olóye tí ìwà rẹ̀ kò lábàwọ́n", irú ẹ̀ ló kún inú ẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Ó fi ẹ̀dà kan hàn mí. Ṣé kí n bá a tún un ṣe kó dẹ̀?

Ìyá Olùkà

Rárá o, lẹ́tà yẹn kì í ṣe tiyín, ẹ má fọwọ́ kàn án. Sítéètímẹ́ǹtì tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín kọ là ń sọ. Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe ni pé kẹ́ ẹ rán ọ̀gá yín létí iṣẹ́ kan tàbí méjì tẹ́ ẹ jọ ṣe, kó fúnra ẹ̀ pinnu bóyá ó fẹ́ fi sí i.

Ohùn Tútù

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi torí èmi náà lo fóònù bíi ti Àbẹ̀ní, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bà á jẹ́. Ìtàn ni mo kà, àwọn lẹ́tà àtijọ́ ni mo sì fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ lé lórí. Mo bá ọ̀rẹ́ mi sọ ọ́, mo gbà á sílẹ̀, mo kọ gbogbo ẹ̀ bó ṣe wà, "ṣé o rí i", "àfi bíi pé", "nǹkan yẹn wá dùn gan-an", mo ní ohùn mi ló yẹ kí wọ́n gbọ́. Olùkọ́ mi kà á, ó ní "Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ níbí?" Mi ò lè dáhùn. Nígbà tí mo tún un wò, mo rí i pé ọ̀rẹ́ mi ti mọ iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀, mo ti fo nǹkan púpọ̀. Mo sọ pé mo "wo àwọn lẹ́tà", bẹ́ẹ̀ mo jókòó tì wọ́n fún oṣù mẹ́rin, mo ń da ọjọ́ wọn kọ, mo ń fi irú ìkọ̀wé wéra kí n lè mọ èyí tí ọwọ́ kan náà kọ. "Wo" ò gbé ìyẹn rárá.

Ohun tó wá ràn mí lọ́wọ́ ni pé mo tún un sọ, lọ́tẹ̀ yìí fún ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan tí kò mọ nǹkankan nípa iṣẹ́ yìí, àgbà ni, ó sì fẹ́ràn mi. Èèyàn kì í bá àgbà sọ̀rọ̀ játijàti, èèyàn kì í sì í gbé ọ̀rọ̀ gàgàrà síwájú ẹni tó fẹ́ràn ẹni. Níbi tó ti ní "tún ìyẹn sọ", ibẹ̀ náà ni mo ti tún un kọ. Ìgbà mẹ́fà ló sọ bẹ́ẹ̀.

Físíìsì Lójoojúmọ́

Mà, mo ti lọ ṣí tèmi wò. Òótọ́ lẹ sọ, mo gé àwọn gbólóhùn yẹn kúrú, àmọ́ ó wá dà bí ìgbà tí èèyàn ń ka ohun tó fẹ́ rà lọ́jà, kò sí ohun tó so èyí mọ́ ìyẹn. "Mo wọ̀n ọ́n. Èsì yàtọ̀. Mo tún un wọ̀n." Kí nìdí tí mo fi tún un wọ̀n? Mo ti gé "torí pé" dànù kó má bàa ju 15 lọ, bẹ́ẹ̀ "torí pé" yẹn gan-an ló fi hàn pé mo ronú.

Ọ̀rọ̀ kan wá kù o. Gbólóhùn 23 nínú tèmi ló fi "mo" bẹ̀rẹ̀. Ṣé kò ti pọ̀ jù?

Ìyá Olùkà

Èmi ò rí wàhálà níbẹ̀. Ìwọ lo ṣe é, sọ pé ìwọ ni.

Ohùn Tútù

Mà, ẹ dákun, olùkọ́ tèmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní tí "mo" bá ti tẹ̀ léra mẹ́rin, ojú òun á kúrò lára iṣẹ́, á bọ́ sára ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ó ní kí n jẹ́ kí lẹ́tà náà bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn nígbà míì, "Lẹ́tà kẹta ni ò ní ọjọ́ lórí." Mo ṣì rò pé ó ní tiẹ̀ níbẹ̀.

Ìyá Olùkà

Ìyẹn dáa, "lẹ́tà kẹta" dára. Tẹ́ ẹ bá ti sá fún "mo" débi pé ẹ padà sí "ìṣàyẹ̀wò kan wáyé", ibẹ̀ ni mi ò ní bá yín lọ.

Àbẹ̀ní Káàdì

Ẹ ṣé gan-an mà, ẹ̀yin yòókù náà, ẹ ṣé. Mo ti fi bẹ̀rẹ̀ báyìí pé: "Nínú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára 312 tí mo tò, 47 ò ní àmì abẹ́rẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kẹta, 29 nínú wọn sì jẹ́ torí pé ọjọ́ tí a fún ìyá ọmọ bọ́ sí òpin ọ̀sẹ̀ tí a kì í ṣí."

Ìparí ẹ̀ ló wá dá mi dúró. Mo kọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé "Yóò jẹ́ ọlá ńlá fún mi bí a bá lè yọ̀ǹda àǹfààní ìdàgbàsókè yìí fún mi." Mo bi í bí ẹ ṣe ní kí n bi í, ìdàgbàsókè kí ni, kò dáhùn. Kí ni mo wá fẹ́ lọ kọ́ gan-an?

Ìyá Olùkà

Ṣé o sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ 28 yẹn fún àwọn ará kílíníìkì? Kí ló ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà? Mo sì tún rí nǹkan kan, "jẹ́ torí pé" tí o kọ yẹn ti kọjá ohun tí o mọ̀. Ohun tí o rí ni pé ọjọ́ wọn bọ́ sí òpin ọ̀sẹ̀. Ṣé o bi àwọn ìyá yẹn?

Àbẹ̀ní Káàdì

Mi ò bi wọ́n mà. Mo sọ ti ọjọ́ 28 fún àwọn ará kílíníìkì, wọ́n gbà á, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, àmọ́ mo kúrò níbẹ̀ lóṣù tó tẹ̀ lé e. Mi ò mọ̀ bóyá àwọn ìyá padà wá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àní tí wọ́n bá tiẹ̀ padà wá, mi ò mọ bí mo ṣe máa mọ̀ pé ọjọ́ yẹn ló fà á.

Mà, ṣé ohun tí mo fẹ́ lọ kọ́ nìyẹn?

Ìyá Olùkà

Kọ ọ́ sílẹ̀ bí o ṣe sọ ọ́ yẹn gan-an. Yọ "mà" kúrò nínú ẹ̀ nìkan.

Àbẹ̀ní Káàdì

Mo ti kọ ọ́. Mo ti yọ "jẹ́ torí pé" náà, ó ti di "29 nínú wọn ló ní ọjọ́ tó bọ́ sí òpin ọ̀sẹ̀". Àbúrò mi ń bọ̀ lálẹ́ yìí, òun ni mo máa kọ́kọ́ kà á fún.