Páànù mélòó ni òrùlé yìí máa gbà? Fọ́tò ni mo ní, mi ò lè gun òkè

Onílé Tuntun
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo fẹ́ pààrọ̀ páànù ilé alápá méjì kan. Mo ti fi téèpù wọn ìsàlẹ̀: ìbú ilé jẹ́ mítà 8, gígùn rẹ̀ 12. Òrùlé yọ kọjá ògiri ní sẹ̀ǹtímítà 60 ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó yọ ní 50 níwájú àti lẹ́yìn. Mo ya fọ́tò iwájú, níbi tí ògiri ti ga dé góńgó. Páànù tí mo fẹ́ rà gùn ní mítà 3, ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 90, àmọ́ bí wọ́n bá ti gorí ara wọn, 80 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan máa bò. Mélòó ni kí n rà?

Adé Bíríkìlà
Èyí ò le rárá. Pẹ̀lú ibi tó yọ kọjá ògiri, ìbú di 9.2, gígùn di 13. Fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀, ó di 119.6. Páànù kan jẹ́ 2.7. Pín in, wàá rí bíi 44 àti díẹ̀. Fi ìdá mẹ́wàá rẹ̀ kún un nítorí ibi tí wọ́n máa ti gorí ara wọn. Ra 49, ó parí.

Ọmọ Káfíńtà
Bọ̀ọ̀dá Adé, ẹ ṣeun, ó dáa bí ẹ ṣe ka ibi tó yọ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí òrùlé ṣíji bò ni 119.6 yẹn, kì í ṣe òrùlé fúnra rẹ̀. Bí òrùlé bá ṣe dà sí ni páànù ṣe máa gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun kejì ni pé páànù kì í ṣe aṣọ tí a lè rán àjákù rẹ̀ mọ́ ara wọn. Ìlà ìlà ni wọ́n ń tò ó, ìlà kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ gba páànù odidi.

Onílé Tuntun, ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ gbà lọ́wọ́ fọ́tò yẹn: bí gíga òrùlé ṣe rí sí ìbú rẹ̀. Ẹ má fi wọn mítà. Àwọn kan máa ń wo ẹnu ọ̀nà nínú fọ́tò, wọ́n á ní bí ilẹ̀kùn bá jẹ́ báyìí, òrùlé á jẹ́ báyìí. Kì í bá ara wọn mu, nítorí pé etí òrùlé yọ síwájú ju ilẹ̀kùn lọ. Bí ẹ bá dúró ní mítà 10 sí ògiri, etí òrùlé tiyín wà ní 9.5 sí yín, nítorí náà ó máa tóbi jù nínú fọ́tò. Mítà 9.2 yín á wá jọ nǹkan bíi 9.7. Téèpù ti fún yín ní ìbú, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ fi rúlà wọn ohun méjì lórí fọ́tò: láti etí òrùlé lápá òsì dé etí rẹ̀ lápá ọ̀tún, àti láti ìlà yẹn lọ sókè sí góńgó. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Bí igun ògiri méjèèjì bá ń fara súnmọ́ ara wọn bí wọ́n ṣe ń lọ sókè, ẹ gbé ojú fóònù sókè nìyẹn. Bí apá òsì kò bá gùn tó apá ọ̀tún, ẹ kò dúró sí àárín gbùngbùn. Nínú méjèèjì, ẹ tún un yà: ẹ fà sẹ́yìn títí góńgó á fi wọlé láì tẹ fóònù sẹ́yìn.

Ìyá Ìbejì
Ẹ jọ̀ọ́, tèmi jẹ́ alápá mẹ́rin, kò ní ògiri tó ga dé góńgó. Ṣé fọ́tò kan náà ni mo máa yà? Káfíńtà tó wá wò ó sọ pé páànù tèmi máa pọ̀ ju ti alápá méjì lọ.

Ọmọ Káfíńtà
Ìyá wa, òótọ́ ló sọ. Bí dídà wọn bá dọ́gba, ààyè tí ẹ máa bò kò yàtọ̀, ṣùgbọ́n ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n á gé páànù ní ìdábùú, ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n gé kì í sì í bá ibòmíràn mu nígbà gbogbo. Ọ̀nà tí mò ń sọ yìí kò bá tiyín mu. Kí káfíńtà yín gun òkè pẹ̀lú téèpù.

Onílé Tuntun
Mo tún un yà, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dọ́gba báyìí. Láti etí dé etí jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 14 lórí fọ́tò, gíga rẹ̀ jẹ́ 3.5.

Ọmọ Káfíńtà
Ó dáa. Ìdajì 14 jẹ́ 7, gíga rẹ̀ sì jẹ́ ìdajì 7. Ẹ wá sọ́dọ̀ téèpù: ìdajì 9.2 jẹ́ 4.6, gíga òrùlé jẹ́ 2.3. Gígùn apá kan, láti etí dé góńgó:

```
√(4.6² + 2.3²) = 5.14
```

Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 5 kún un kí omi lè já sínú gọ́tà, ó di 5.19. Páànù mítà 3 méjì tí ọ̀kan gorí èkejì ní sẹ̀ǹtímítà 15 máa gùn ní 5.85. Ó tó, ó tilẹ̀ lé.

Ní gígùn ilé, páànù àkọ́kọ́ bo 90, àwọn tó tẹ̀lé e ń bo 80. 16 máa bo 12.9, kò tíì dé òpin, sẹ̀ǹtímítà 10 ṣẹ́kù. Nítorí náà 17 ni. 17 lọ́nà méjì ní apá kan jẹ́ 34, apá méjèèjì jẹ́ 68. Ẹ rí i bó ṣe jìnnà sí 49.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi káfíńtà bóyá ó lè gé igi etí òrùlé kúrú ní sẹ̀ǹtímítà 5 níwájú àti 5 lẹ́yìn. Bó bá ṣeé ṣe, 16 á tó, 64 ni ẹ máa rà. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ bi ẹni tó ń tà á bó bá ní mítà 2.4. Mítà 3 kan àti 2.4 kan nínú ìlà kọ̀ọ̀kan, ó di 5.25, àjẹkù rẹ̀ kéré gan-an.

Bàbá Onípáànù
Ọmọ Káfíńtà, ìṣirò rẹ dúró. Àmọ́ mi ò fara mọ́ 15 yẹn. Níbi tí ìjì ti ń gbá òjò wọ abẹ́ páànù, 30 ni mo máa ń fi sílẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ 30, 3 àti 2.4 di 5.1, kò ní dé góńgó mọ́.

Ọmọ Káfíńtà
Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Òrùlé tó tẹ́ pẹrẹsẹ ni mo máa ń fún ní 30. Eléyìí dà dáadáa, omi kò ní dúró lórí rẹ̀.

Bàbá Onípáànù
Omi kò ní dúró, atẹ́gùn ni mò ń bẹ̀rù. Ilé tó dá wà ní gbangba kò rí bí èyí tí ilé mìíràn yí ká.

Onílé Tuntun
Ilé náà wà ní gbangba, ẹ̀yin bàbá. Ṣé mi ò lè ní kí wọ́n gé e ní mítà 5.2 lẹ́ẹ̀kan náà, kí nǹkan kan má gorí nǹkan kan ní àárín?

Bàbá Onípáànù
O lè ṣe é, 34 péré ni wàá rà. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo gbé e gòkè. Páànù tó gùn tó bẹ́ẹ̀ á tẹ̀ ní àárín, ibi tó bá ti tẹ̀ kì í sì í padà sípò.