Mo fọ́ ìdá inú fọ́tò yìí sí wẹ́wẹ́, àmọ́ kò bá ti tẹ́lẹ̀ mu. Ibo ni mo ti ṣìnà?

Fẹ́mi: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo fọ́tò yìí. Wọ́n ní ká fọ́ ìdá náà sí wẹ́wẹ́ ká tó íńtígírétì rẹ̀. Bí mo ṣe kà á nìyí:

(5x² + 7x + 6) / ((x − 1)(x + 2)²)

Mo fọ́ ọ sí A/(x − 1) + B/(x + 2)². Mo fi 1 sí ipò x, A jáde ní 2. Mo fi −2 síbẹ̀, B jáde ní −4. Mo rò pé ó ti parí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi 0 dán an wò, ìdá inú fọ́tò fún mi ní −1.5, èyí tí mo fọ́ fún mi ní −3. Mo ti tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, ibì kan náà ló ń já sí.

Ṣadé: Fẹ́mi, o ti gbàgbé pípín. Agbára x tó ga jù lókè jẹ́ 2, tìsàlẹ̀ náà jẹ́ 2. Bí òkè kò bá kéré sí ìsàlẹ̀, o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pín in. Ìsàlẹ̀ jẹ́ x² + x − 2, ó wọ òkè nígbà 5, ó ṣẹ́ ku 2x + 16. Fọ́ àṣẹ́kù yẹn, yóò di 6/(x − 1) − 4/(x + 2). Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀: 5 + 6/(x − 1) − 4/(x + 2).

Fẹ́mi: Àǹtí Ṣadé, ẹ ṣé. Ṣùgbọ́n 2 kékeré kan wà lórí àkámọ́ kejì. Tí a bá tú ìsàlẹ̀ náà, x³ ni yóò bẹ̀rẹ̀.

Ṣadé: Lórí fóònù tèmi, mi ò rí 2 kankan níbẹ̀. Ohun tí mo rí dà bí kíkán yíǹkì. Ṣé ó dá ọ lójú?

Bàbá Kẹ́hìndé: Ẹ jẹ́ ká yanjú fọ́tò yẹn ná, torí ìṣirò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ ń ṣe. Iṣẹ́ tí Ṣadé ṣe kò lábùkù bí 2 yẹn kò bá sí. Ẹ fi 2 sí ipò x: òkè jẹ́ 40, ìsàlẹ̀ láìsí 2 kékeré jẹ́ 4, ìdáhùn 10. Tirẹ̀ náà fún wa ní 5 + 6 − 1, 10 náà ni. Bí 2 kékeré bá wà, ìsàlẹ̀ di 16, ìdáhùn di 2.5. Ẹ wo bí àmì kan tó kéré bẹ́ẹ̀ ṣe yí nǹkan padà.

Fẹ́mi, tún fọ́tò náà yà. Gbé fóònù sókè gbọọrọ lórí ojú ìwé, má dà á sí ẹ̀gbẹ́, má sì tan iná rẹ̀, torí bébà tó ń dán máa ń fọ́nná lu lẹ́ńsì, àwọn nǹkan kéékèèké tó wà lókè ló sì kọ́kọ́ ń pa rẹ́. Sún mọ́ ọn kí ìdá yẹn nìkan kún ojú àwòrán. Bí o bá gé fọ́tò àtijọ́ tí o fẹ̀ ẹ́, ohun tí kò hàn tẹ́lẹ̀ kò ní hàn. Ṣé ìdáhùn wà lẹ́yìn ìwé náà?

Fẹ́mi: Ó wà, sà. Lọ́ọ̀gì méjì ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú 4/(x + 2). Mi ò mọ ibi tí èyí ti wá, ìyẹn gan-an ló mú mi béèrè.

Bàbá Kẹ́hìndé: Ọ̀rọ̀ fọ́tò ti tán nìyẹn. Bí àkámọ́ méjèèjì bá jẹ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan, lọ́ọ̀gì nìkan ni wọ́n lè bí nígbà tí o bá íńtígírétì, pẹ̀lú 5x tó máa ti ara 5 Ṣadé wá. Ìdá tí x + 2 wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kò lè jáde níbẹ̀. Àkámọ́ tó pọ̀ ju ẹyọ kan lọ ló ń bí irú rẹ̀. 2 kékeré wà níbẹ̀.

Ṣadé: Mo gbà. Ojú ló tàn mí.

Táyé: Wàhálà Fẹ́mi kò le. Níbi tí àkámọ́ bá ti ní 2 lórí, Bx + C lo máa kọ sókè rẹ̀, kì í ṣe B nìkan. Kọ A/(x − 1) + (Bx + C)/(x + 2)². Wàá rí A = 2, B = 3, C = 2. Mo ti dán an wò pẹ̀lú 0, ó fún mi ní −1.5 gẹ́lẹ́. Kó o wá íńtígírétì rẹ̀: lọ́ọ̀gì ti àkọ́kọ́, lọ́ọ̀gì (x + 2)² ti èkejì. Ó parí.

Bàbá Kẹ́hìndé: Táyé, ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ rẹ tọ̀nà, mo fọwọ́ sí i. (3x + 2)/(x + 2)² bá ìdá náà mu. Ìdajì kejì ló ti bàjẹ́. Dífẹ́rẹ́ńṣíétì lọ́ọ̀gì (x + 2)² kó o rí i: 2/(x + 2) ni yóò fún ọ, kì í ṣe (3x + 2)/(x + 2)². Lọ́ọ̀gì kì í gba gbogbo ohun tó bá wà nísàlẹ̀ ìdá. Bí òkè kò bá jẹ́ ohun tí o máa rí tí o bá dífẹ́rẹ́ńṣíétì ìsàlẹ̀ yẹn, tàbí ìlọ́po rẹ̀, kò ní gbà.

Fẹ́mi, ìwọ ni mo padà sí. Ohun tó jẹ́ kí tìrẹ má dọ́gba dára láti fojú rí. Kó ìdá méjì tí o ní pa pọ̀ sórí ìsàlẹ̀ kan náà. Òkè wọn yóò jẹ́ 2(x + 2)² − 4(x − 1), ìyẹn 2x² + 4x + 12. Ohun tí ìwé kọ ni 5x² + 7x + 6. Yọ tìrẹ kúrò nínú ti ìwé, yóò ṣẹ́ ku 3x² + 3x − 6. Fọ́ ìyẹn sí fákítọ̀: 3(x − 1)(x + 2).

Wo àṣẹ́kù yẹn dáadáa. Ó di òfo tí x bá jẹ́ 1, ó tún di òfo tí x bá jẹ́ −2. Iye méjì tí o fi wá A àti B nìyẹn! Àṣìṣe náà sápamọ́ sí ibi méjì tí o wò, ìdí nìyẹn tí A àti B fi jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. A àti B rẹ kò sì burú, ìdá kan ni kò sí. Pín àṣẹ́kù náà fún (x − 1)(x + 2)², ohun tó kù ni 3/(x + 2). Òun lo gbàgbé.

Nítorí náà bí o ṣe máa kọ ọ́ ni A/(x − 1) + B/(x + 2) + C/(x + 2)². Bí àkámọ́ bá ní 3 lórí, ìdá mẹ́ta ni fún un, láti orí agbára 1 lọ dé 3, o kò gbọ́dọ̀ fo ọ̀kan. Fi 1 àti −2 wá A àti C bí o ti ṣe é, B rẹ àtijọ́ ló di C báyìí. Fún B, wo iye tó ṣíwájú x² nìkan: A + B gbọ́dọ̀ jẹ́ 5, A sì ti jẹ́ 2, B di 3.

Fẹ́mi: Háà! Ó ti yé mi. Ìyẹn ni pé 2/(x − 1) + 3/(x + 2) − 4/(x + 2)². Mo fi 0 sí i: −2 + 1.5 − 1, −1.5 gẹ́lẹ́. Ti íńtígírétì wá ńkọ́? Mo rò pé èyí tó kẹ́yìn máa jẹ́ −4 lọ́ọ̀gì.

Bàbá Kẹ́hìndé: Rárá o. Kọ ọ́ sí −4(x + 2)⁻². Fi 1 kún agbára, ó di −1, kó o fi −1 yẹn pín in. Ìyọkúrò méjì pàdé, ó di +4/(x + 2). Ohun tó wà lẹ́yìn ìwé rẹ nìyẹn.

2 ln|x − 1| + 3 ln|x + 2| + 4/(x + 2) + K

K ni mo kọ, torí C ti níṣẹ́ lókè. Àwọn kan á fi C ṣe méjèèjì, wọ́n á wá fi −4 sí ibi tí kò yẹ.

Ìyábọ̀: Mo tẹ ìdá yìí sórí fóònù láti yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí x jẹ́ 2, 640 ló fún mi. Ṣé a ò tíì ṣì í báyìí?

Táyé: Àǹtí, ẹ kò fi àkámọ́ yí ìsàlẹ̀ lápapọ̀ ká. Fóònù fi x − 1 pín in, ó wá fi (x + 2)² sọ èsì di púpọ̀. 40 pín fún 1, lọ́nà 16, ni 640 yẹn. Orí ìlà kan, ìlà ìdá kì í sí mọ́, àkámọ́ ló ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ní Python, SymPy máa fọ́ ọ fún yín:

```
from sympy import *
x = symbols('x')
print(apart((5*x**2+7*x+6)/((x-1)*(x+2)**2), x))
```

Ìyábọ̀: Mo ti rí i, 2.5 ló jáde báyìí. Ẹ jọ̀wọ́, tèmi wà níbí o. Òkè rẹ̀ jẹ́ 3x² + x − 2. Ìsàlẹ̀ jẹ́ (x + 2), lẹ́yìn náà x² àti 4, ṣùgbọ́n bébà ká sí àárín wọn, àmì kò hàn nínú fọ́tò. Ṣé Bx + C ni màá kọ?

Bàbá Kẹ́hìndé: Àmì yẹn ni yóò sọ. Tó bá jẹ́ x² + 4, kò ṣeé fọ́ mọ́, Bx + C ló tọ́ sókè rẹ̀. Yóò di 1/(x + 2) + (2x − 3)/(x² + 4), arctan á sì wọ ìdáhùn. Tó bá jẹ́ x² − 4, (x − 2)(x + 2) ni, x + 2 ti di méjì nìyẹn. Irú ti Fẹ́mi gan-an ni, arctan kò sí níbẹ̀ rárá.

Táyé: Àròpọ̀ ni. Mo ṣe ti ìyọkúrò, 3/4, 9/4 àti −2 ló jáde. Kò sí olùkọ́ tó máa ṣètò irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀.

Bàbá Kẹ́hìndé: Nọ́ńbà tó mọ́ kì í ṣe ẹ̀rí, Táyé. Mo ti rí ìbéèrè tí 9/4 wà nínú ìdáhùn rẹ̀ lóríṣiríṣi. Ìyábọ̀, ṣé arctan wà nínú ìdáhùn ìwé yín?

Ìyábọ̀: Kò sí ìdáhùn lẹ́yìn tiwa, sà. Ẹni tó ya fọ́tò ló ni ìwé. Mo ti ní kó na bébà náà kó tún un yà, kò tíì fèsì.