Ṣé kí n dárúkọ akádẹ́mì sínú lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀ mi?

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Kóòṣì bọ́ọ̀lù ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Kúbwà, l'Ábújá níbí. Akádẹ́mì kan ti gbà mí síṣẹ́ ojoojúmọ́, a sì ti tọwọ́ bọ̀wé. Ìwé àdéhùn ilé ẹ̀kọ́ ní kí n sọ fún wọn ní oṣù 1 ṣáájú. Mo ti kọ ọjọ́ tí n óò lọ sínú lẹ́tà, àti pé n óò kó bọ́ọ̀lù, kóònù àti àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ lé kóòṣì tuntun lọ́wọ́.

Ibi tó ń kọ mí lóminú rèé: ọmọ 2 ti ń sọ pé àwọn á tẹ̀ lé mi (èmi kò pè wọ́n o!). Bí ọ̀gá bá rí orúkọ akádẹ́mì, á ní mo fẹ́ kó wọn lọ. Ṣé kí n yọ ọ́, àbí kí n kọ́kọ́ bá a sọ ọ́ lójúkojú?