Áàpù tí mo fi ń kọ gbèsè kò ṣí mọ́ látìgbà tí fóònù ti ṣe ọ́pídéètì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa fóònù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí o. Àdìrẹ ni mò ń tà l'Óṣogbo níbí, orí áàpù kan sì ni mò ń kọ gbèsè àwọn kọ́sítọ́mà sí. Lálẹ́ Sọ́ńdè fóònù mi kúrò ní Android 13 bọ́ sí 14, àtàárọ̀ Mọ́ńdè tí mo bá ti tẹ áàpù yẹn báyìí, àmì ẹ̀ á yọ fìrì, ó ti pa dé nìyẹn, kò tiẹ̀ ní dé ibi tí màá ti tẹ páásíwọ́ọ̀dù.

Mo tẹ Clear cache, kò gbọ́. Mo wo àyè inú fóònù, gígì 11 ló ṣì ṣófo. Nígbà tí mo wò ó lórí fóònù àbúrò mi pé gbogbo àkọsílẹ̀ mi ṣì wà lórí ìntánẹ́ẹ̀tì (ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀, owó èèyàn ló wà níbẹ̀), mo yọ áàpù náà kúrò pátápátá mo tún un gbé wọlé, ojú ibẹ̀ náà ló tún kú sí.

Ohun tó wá ń ya mí lẹ́nu ni pé áàpù tí mo fi ń ra iná náà ń ṣe bákan náà, àwọn méjèèjì ló sì máa ń ṣí ojú ìwé ìntánẹ́ẹ̀tì nínú ara wọn. Ẹnì kan ní Android System WebView ló ń fà á, ṣùgbọ́n ọ́pídéètì tuntun ò sí fún un ní Play Store.

Tí mo bá tẹ Uninstall updates lórí WebView yẹn, ṣé áàpù mi lè ṣí, àbí ó máa ba àwọn tó ṣì ń ṣiṣẹ́ jẹ́?