Wákàtí tí pósìtì ń ṣe dáadáa jù: báwo lẹ ṣe ń wá a jáde nínú dátà àtẹ̀yìnwá?

Onífáìlì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bójú tó ojú ìwé tí pósìtì ti pọ̀ lórí rẹ̀, ẹ wá sọ bí ẹ ṣe ń mọ wákàtí tó yẹ kí tuntun máa jáde, àti bí ẹ ṣe ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ máa tún àtẹ àkókò tò. Fáìlì tó wà lọ́wọ́ mi ní pósìtì 120 nínú. Mo pín ọ̀sẹ̀ sí wákàtí 168, mo wo èyí tó ga jù, Ọjọ́bọ̀ aago mẹ́sàn-án alẹ́ ló yọ sókè. Ṣé kí n kó gbogbo pósìtì lọ síbẹ̀ ni?

Aṣirò_Àárọ̀

Ẹ má tíì kó nǹkan kan lọ síbẹ̀. Bẹ́ ẹ bá da pósìtì 120 sínú àpótí 168, ọ̀pọ̀ àpótí á ṣófo, èyí tó sì ní nǹkan nínú lè má ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ. Pósìtì kan ṣoṣo tó bá ràn bí iná inú ọyẹ́ á sọ wákàtí tirẹ̀ di ọba. Ẹ kọ́kọ́ dín àpótí kù: ẹ pín ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sí wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta, ó di 56.

Ẹ má sì ka ìfèsì lásán. Ẹ fi iye èèyàn tó rí pósìtì pín iye láìkì, kọ́mẹ́ǹtì àti ìpín tó rí gbà. Kò tán síbẹ̀, nítorí fídíò àti fọ́tò kì í ṣe ẹgbẹ́. Ká ní fídíò sábà máa ń rí 6%, fọ́tò 2%, tó sì jẹ́ pé alẹ́ lẹ máa ń gbé fídíò jáde: alẹ́ á máa borí ṣáá, bẹ́ẹ̀ fídíò ló ń ṣiṣẹ́ náà. Ẹ to ìdá gbogbo fídíò láti kékeré dé ńlá, ẹ mú èyí tó bọ́ sí àárín gbùngbùn, kẹ́ ẹ fi pín ìdá fídíò kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣe bákan náà fún fọ́tò. Fọ́tò tó rí 3% á gba máàkì 1.5, fídíò tó rí 5.4% á gba 0.9. Fídíò ló ga lójú, àmọ́ fọ́tò ló ta yọ láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, 1 ni ìwọ̀n pósìtì tó ṣe bó ṣe máa ń ṣe.

Olójú_Àtẹ

Ẹ̀yin ń da ara yín láàmú. Áàpù ti ní àwòrán tó ń fi wákàtí tí àwọn ọmọlẹ́yìn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì hàn. Ibi tó ga jù, ibẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ pósìtì sí. Ó tán.

Aṣirò_Àárọ̀

Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yín, Olójú_Àtẹ, pàápàá fún ojú ìwé tuntun tí kò tíì ní dátà kankan. Ṣùgbọ́n àwòrán yẹn ń sọ ìgbà táwọn èèyàn wà níbẹ̀ ni, kò sọ ìgbà tí wọ́n ń dá yín lóhùn. Wákàtí tí èrò pọ̀ jù náà ni gbogbo ojú ìwé mìíràn ń da tiwọn sílẹ̀, ìjà á pọ̀. Ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kí máàkì pósìtì tiyín gba ipò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ìdúró_Ọ̀sán

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kéèyàn pósìtì lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ kò ti pọ̀ jù? Àwọn ọmọlẹ́yìn tèmi ti ń dínkù.

Adé_Kóòdù

Ọ̀rọ̀ iye ìgbà yàtọ̀ sí ti wákàtí, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ ká fi tiyín sílẹ̀ ná.

Ẹ jẹ́ ká yanjú Ọjọ́bọ̀ alẹ́ Onífáìlì. Ká ní àpótí Ọjọ́bọ̀ aago mẹ́sàn-án sí méjìlá alẹ́ ní pósìtì méjì péré, tí máàkì àárín wọn sì jẹ́ 2.8. Àpótí ọ̀sán Ìṣẹ́gun ní pósìtì 14, máàkì àárín wọn 1.7. Lójú lásán, Ọjọ́bọ̀ fi ohun tó lé ní ìdajì ju Ìṣẹ́gun lọ. Kí ẹ tó gbà á gbọ́, ẹ fún àpótí kọ̀ọ̀kan ní pósìtì àfinúrò mẹ́jọ tí máàkì wọn jẹ́ 1. Ọjọ́bọ̀ á di (2 × 2.8 + 8) ÷ 10, ìyẹn 1.36. Ìṣẹ́gun á di (14 × 1.7 + 8) ÷ 22, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1.45. Ìṣẹ́gun ló gbégbá orókè, nítorí ẹ̀rí tirẹ̀ pọ̀. Bí Ọjọ́bọ̀ bá jẹ́ ojúlówó, pósìtì mẹ́ta-mẹ́rin sí i á gbé e sókè fúnra rẹ̀.

Gbogbo rẹ̀ kò ju báyìí lọ:

```python
import pandas as pd
TZ = "Africa/Lagos"
d = pd.read_csv("posts.csv")
t = pd.to_datetime(d["created_at"], utc=True).dt.tz_convert(TZ)
d["rate"] = d["engaged"] / d["reach"]
d["score"] = d["rate"] / d.groupby("type")["rate"].transform("median")
d["slot"] = t.dt.day_name() + "-" + (t.dt.hour // 3 * 3).astype(str)
g = d.groupby("slot")["score"].agg(["size", "median"])
g["final"] = (g["size"] * g["median"] + 8) / (g["size"] + 8)
```

Kẹ́ ẹ tó ṣí fáìlì fún un, ẹ yọ pósìtì tẹ́ ẹ fi owó tì lẹ́yìn kúrò, owó ló gbé ìyẹn rìn, kì í ṣe wákàtí. Ẹ yọ èyí tí iye èèyàn tó rí i jẹ́ 0 pẹ̀lú. Bí ìfèsì kan bá wọlé síbi tí òǹwòran jẹ́ 0, `inf` ni ìdáhùn, àpótí tí kò ní ju pósìtì kan tàbí méjì lọ á sì gun orí gbogbo àpótí tó kù.

Agogo_UTC

Ìlà tó ní `tz_convert` yẹn ni ọ̀pọ̀ ń fò, ibẹ̀ náà ni gbogbo ìṣirò ti ń wọ́. Ọ̀pọ̀ ibi tẹ́ ẹ ti ń gba dátà ló ń kọ àkókò ní UTC, aago tí gbogbo ayé fi ń ṣe òdiwọ̀n. Bí àwọn òǹwòran yín bá wà níbi tó fi wákàtí márùn-ún wà lẹ́yìn UTC, pósìtì tó jáde ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ Ọjọ́bọ̀ á hàn bí aago méjì òru Ẹtì. Ohun tẹ́ ẹ fi máa mọ̀ ni pé ẹ mú pósìtì kan tẹ́ ẹ mọ ìṣẹ́jú tó jáde, kẹ́ ẹ wá a nínú `posts.csv`. Bí àpótí tó ga bá sì jẹ́ ìgbà tí gbogbo ayé ń sùn, ẹ yẹ aago wò kẹ́ ẹ tó dá òǹwòran lẹ́bi.

Orúkọ àgbègbè aago ni kẹ́ ẹ fi sí `TZ`, ẹ má kọ iye wákàtí bíi `+2` síbẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń sún aago síwá sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, iye wákàtí á yí padà, orúkọ kò ní yí.

Apá_Méjì

Ti èmi ta kókó: ìdajì òǹwòran mi wà ní ilẹ̀ kan, ìdajì kejì wà níbi tó fi wákàtí méje yàtọ̀. Àpótí tó ga ní tèmi máa ń jẹ́ wákàtí tí kò tẹ́ ẹnì kankan lọ́rùn.

Agogo_UTC

Ìyẹn ni pé ìṣirò náà ń da àwùjọ méjì pọ̀. Bí ibi tẹ́ ẹ ti ń gba dátà bá lè fún yín ní ìfèsì ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, kí àwùjọ kọ̀ọ̀kan ní àpótí tó ga tirẹ̀. Bí kò bá lè fún yín, n kò rí ọ̀nà mímọ́ kan.

Onífáìlì

Ó yé mi. Ṣùgbọ́n pósìtì àtijọ́ ti ní oṣù mẹ́ta láti kó láìkì jọ, ti àná kò tíì ní nǹkan. Ẹ̀ẹ̀melòó ni kí ó sì máa tún àtẹ tò?

Adé_Kóòdù

Ẹ jẹ́ kí ọjọ́ orí wọn dọ́gba. Ìwé àṣẹ kékeré kan, ìyẹn kóòdù tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, á máa ṣiṣẹ́ ní wákàtí-wákàtí, kí ó kọ iye tí pósìtì kọ̀ọ̀kan ní sílẹ̀ nígbà tó bá pé wákàtí 48. Iye yẹn nìkan ni kó wọ `posts.csv`. Ti àtijọ́ tẹ́ ẹ kò kọ sílẹ̀ lákòókò, ẹ lò ó bó ṣe wà, kẹ́ ẹ yọ èyí tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ti tó fún àtúntò. Èyí ń ṣiṣẹ́ láàárọ̀ Ajé, aago mẹ́ta:

```
0 3 * * 1 /usr/bin/python3 /opt/posts/update.py
```

Aago sáfà ló ń tẹ̀ lé, kì í ṣe tiyín. Ẹ tẹ `timedatectl` kẹ́ ẹ fi wò ó.

Ibi tí ẹ̀rọ ti ń ṣe bí òmùgọ̀ ni pé ó lè máa gbé pósìtì káàkiri lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ nítorí 0.02. Ẹ sọ fún un pé àpótí tuntun kò gbọdọ̀ gba ipò àtijọ́ àfi bó bá fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún jù ú lọ. Bí èyí tó wà lórí àtẹ bá ní 1.45, tuntun gbọ́dọ̀ kọjá 1.595. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kí ó sì pààrọ̀ lọ́sẹ̀ kan.

Èkejì: tókìnì, kọ́kọ́rọ́ tí ìwé àṣẹ fi ń gba dátà, máa ń parí. Ti oníṣe tó wà fún ìgbà pípẹ́ lórí ẹ̀rọ Meta kì í ju nǹkan bí ọjọ́ 60 lọ. Tó bá parí, dátà á dá dúró láìpariwo, ìwé àṣẹ á sì máa tò àtẹ lórí fáìlì tó ti gbó. Ẹ jẹ́ kí ó ka iye ìlà kó tó kọ ohunkóhun; bí pósìtì tuntun kò bá wọlé láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, tàbí tí ìlà bá dínkù sí ìdajì, kí ó fi fáìlì àtẹ, `schedule.json`, sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ó fi ìwé ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí yín.

Pósìtì tó ti wà lórí ìlà kò ní sún fúnra rẹ̀ bí àtẹ bá yí. Lórí Mastodon, ẹ ní láti fi `PUT` ránṣẹ́ sí `/api/v1/scheduled_statuses/:id` pẹ̀lú `scheduled_at` tuntun, tí kò gbọdọ̀ sún mọ́ ìsinsìnyí ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Bẹ́ ẹ bá gbàgbé, ti àtijọ́ àti tuntun á já lu ara wọn láàárín wákàtí kan náà.

Aṣirò_Àárọ̀

Ó ku ibì kan. Bí ẹ̀rọ bá ń pósìtì sínú àpótí tó ga nìkan, kò ní dátà tuntun fún àwọn tó kù, àpótí náà á sì jẹ ọba títí láé. Bí pósìtì márùn-ún bá wà lọ́sẹ̀, ẹ fi mẹ́rin síbi tó dára, kí ọ̀kan máa lọ sí àpótí tí pósìtì rẹ̀ kéré jù. Kọ̀ǹpútà ni kó fi ìbò mú pósìtì tó máa lọ síbẹ̀. Bó bá jẹ́ èèyàn ló ń yàn án, èyí tí kò dára tó ló máa ń jù sí àpótí ìdánwò, ìdánwò á sì máa já yín kulẹ̀ lẹ́yìn náà.

Olójú_Àtẹ

Ìyẹn ń fi ìdá kan nínú márùn-ún iṣẹ́ ṣòfò fún wákàtí tẹ́ ẹ mọ̀ pé kò dára.

Aṣirò_Àárọ̀

Ẹ kò mọ̀. Ẹ rò ni. Ojú ìwé tó bá ń pósìtì ogún lọ́sẹ̀ lè fi ìdá kan nínú mẹ́wàá ṣe é. Tó bá jẹ́ méjì péré lọ́sẹ̀, lóòótọ́, ẹ má dán an wò, kódà ẹ má ṣe ìṣirò yìí rárá.

Agogo_UTC

Mẹ́jọ àfinúrò yẹn ni n kò tíì fọwọ́ sí, Adé. Ojú ìwé tí máàkì rẹ̀ ń fò sókè fò sílẹ̀ gan-an nílò 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Adé_Kóòdù

Ó ṣeé ṣe. Ẹ pa pósìtì oṣù tó kẹ́yìn mọ́, ẹ fi èyí tó ṣáájú ṣe ìṣirò pẹ̀lú 4, 8 àti 15, kẹ́ ẹ wo èyí tó sọ máàkì oṣù yẹn tọ̀nà jù. Lórí pósìtì 120, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè sún mọ́ra débi pé ẹ kò ní rí ìyàtọ̀.